Ìdí tí Gíábọ́ọ̀sì fi Ń Pín Agídí Ẹrù Lẹ́ẹ̀mejì fún Mọ́tò

Tábìlì kan tó rí roboto bí àwo ló wà láàárín ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rọ oògùn ikọ́ sínú ìgò. Àyè mẹ́fà ni wọ́n gé sí etí rẹ̀, ìgò kan sì dúró nínú àyè kọ̀ọ̀kan. Tábìlì náà á yí ìdá kan nínú mẹ́fà òbìrìkìtì, á dúró, páìpù á rọ oògùn sínú ìgò tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀, tábìlì á tún yí. Mọ́tò iná mànàmáná kan ló ń yí i, gíábọ́ọ̀sì sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Irú mọ́tò tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní sáfò ni: ó máa ń mọ ibi tó yí dé, ó sì yẹ kó dúró gẹ́lẹ́ níbi tí wọ́n bá ní kó dúró.

Lórí ìwé, ìṣirò agbára tọ̀nà. Agbára mọ́tò náà ju ohun tí iṣẹ́ ń béèrè lọ. Síbẹ̀, tí tábìlì bá dé ibi tó yẹ kó dúró sí, kì í dúró. Á kọjá díẹ̀, á padà sẹ́yìn, á tún kọjá, á sì máa mì bẹ́ẹ̀ títí oògùn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dà nígbà tí ẹnu ìgò kò tíì sí lábẹ́ páìpù. Mọ́tò á máa kùn. Ohun tó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tó bá rí irú èyí ni pé mọ́tò ti kéré jù, kí wọ́n lọ ra èyí tó tóbi. Èmi gbà pé gíábọ́ọ̀sì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wò, nítorí pé nọ́ńbà kan tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ tó ju bí ojú ṣe rí i lọ.

Ohun tó wúwo kì í fẹ́ gbéra. Tó bá sì ti gbéra, kì í fẹ́ dúró. Ẹni tó bá ti ti ọmọlanke tó kún fún iṣu rí mọ̀ pé títì àkọ́kọ́ ló máa ń gba okun jù, àti pé tí ọmọlanke náà bá ti ń sáré, dídá a dúró tún di iṣẹ́ mìíràn. Ohun tó ń yí lójú kan náà ní irú agídí yìí. Òun ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní inẹ́ṣíà. Ṣùgbọ́n ti ohun tó ń yí kò dá lórí ìwúwo nìkan, ó tún dá lórí bí ìwúwo náà ṣe jìnnà sí àárín tó. Kílò kan tó wà ní etí àwo ṣòroó yí ju kílò kan tó wà nítòsí àárín lọ. Tí a bá sún kílò kan náà jìnnà sí àárín ní ìlọ́po méjì, inẹ́ṣíà rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ jẹ́ ká fún tábìlì wa ní nọ́ńbà tó ṣeé gbà gbọ́. Alumíníọ̀mù ni, ó wọn kílò 16, láti àárín rẹ̀ dé etí sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn mítà 0.3. Fún àwo tó nípọn dọ́gba, a óò mú ìdajì ìwúwo, a óò sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú jíjìn etí sí àárín, a óò sì tún fi jíjìn yẹn sọ ọ́ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ìdajì 16 ni 8. Ìdá 0.3 nínú 8 jẹ́ 2.4, ìdá 0.3 nínú ìyẹn sì jẹ́ 0.72. Inẹ́ṣíà tábìlì náà ni 0.72 kg·m².

Ní ti mọ́tò, ohun tó ń yí nínú rẹ̀ ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní rótọ̀. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́ kí ó lè tètè gbéra. Nínú mọ́tò sáfò wáàtì 750, irú èyí tó wọ́pọ̀ lórí ẹ̀rọ tó tó báyìí, inẹ́ṣíà rótọ̀ máa ń wà ní àyíká 0.0001. Tí a bá fi tábìlì wé e, agídí tábìlì jẹ́ ìlọ́po 7200 ti rótọ̀ tó fẹ́ yí i. Tí a bá so àwọn méjèèjì pọ̀ tààrà, ẹrù tí mọ́tò máa rí nìyẹn.

Gíábọ́ọ̀sì tó wà lórí ẹ̀rọ yìí jẹ́ oní-10: mọ́tò á yí ìgbà mẹ́wàá kí tábìlì tó yí ẹ̀ẹ̀kan. Ohun méjì ni gíábọ́ọ̀sì ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà, a sì gbọ́dọ̀ dá wọn sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Èkíní, ó ń dín eré kù: eré tábìlì jẹ́ ìdá mẹ́wàá ti mọ́tò. Èkejì, ó ń sọ agbára ìyí di púpọ̀: agbára tó jáde sí tábìlì jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá èyí tí mọ́tò mú wá. Gíá kékeré ló ń ti etí gíá ńlá, etí yẹn sì jìnnà sí àárín, ìdí nìyẹn tí agbára fi pọ̀ sí i.

Ní báyìí, ká ní mọ́tò fẹ́ gbéra. Nínú ìṣirò yìí, rédíánì ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń wọn yíyí. Òbìrìkìtì kan jẹ́ rédíánì 6.28. Ká ní a fẹ́ kí eré mọ́tò máa fi rédíánì 100 pọ̀ sí i ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Eré tábìlì kò ní fi 100 pọ̀ sí i. Nítorí gíábọ́ọ̀sì, 10 péré ni. Agbára tí tábìlì nílò ní ọrùn ara rẹ̀ fún èyí ni inẹ́ṣíà rẹ̀ lọ́nà àfikún eré rẹ̀: 0.72 lọ́nà 10, ìyẹn níútìn-mítà 7.2. Ká ní tábìlì ni a ní kó fi 100 pọ̀ sí i, 72 ni ìbá béèrè. Ìpín àkọ́kọ́ ti wáyé: nítorí pé tábìlì kò yára bíi mọ́tò, ó béèrè ìdá mẹ́wàá.

Ìpín kejì ń bọ̀. Níútìn-mítà 7.2 yìí, mọ́tò kọ́ ló máa mú gbogbo rẹ̀ wá. Gíábọ́ọ̀sì ń sọ agbára di ìlọ́po mẹ́wàá, nítorí náà 0.72 péré ni mọ́tò máa mú wá, gíábọ́ọ̀sì á sì sọ ọ́ di 7.2. Ẹ jẹ́ ká wá wò ó láti ojú mọ́tò, tí kò mọ̀ pé gíábọ́ọ̀sì tàbí tábìlì kankan wà. Ohun tó mọ̀ kò ju pé òun fi rédíánì 100 kún eré òun, ó sì ná òun ní níútìn-mítà 0.72. Inẹ́ṣíà wo ló ń gba 0.72 fún 100? 0.0072 ni. Tábìlì tó jẹ́ 0.72 ti di 0.0072 lójú mọ́tò. A ti fi 10 pín in lẹ́ẹ̀mejì: ẹ̀ẹ̀kan nítorí pé tábìlì ń lọ pẹ̀lẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nítorí pé gíábọ́ọ̀sì ń ran mọ́tò lọ́wọ́. Tí a bá pe inẹ́ṣíà ẹrù ní J, tí a sì pe nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì ní n, ohun tí mọ́tò ń rí ni J/n².

Ọ̀nà mìíràn wà láti rí i, òun ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé kò nílò kí a mọ ohunkóhun nípa eyín gíá. Ohun tó ń yí ní okun nínú, okun yẹn sì jẹ́ ìdajì inẹ́ṣíà lọ́nà eré lọ́nà eré. Tí tábìlì wa bá ń fi eré rédíánì 4 yí ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, okun inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì 0.72 lọ́nà 16, ìyẹn júùlù 5.76. Ọ̀dọ̀ mọ́tò ni okun yẹn ti wá, mọ́tò náà sì ń yí ní 40 lákòókò náà. Inẹ́ṣíà wo ló máa ní okun 5.76 nínú tó bá ń yí ní 40? Ẹ ṣírò rẹ̀, 0.0072 náà ni ẹ máa bá. Nínú okun, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ń ka eré, nítorí náà tí eré bá dín kù ní ìlọ́po mẹ́wàá, okun á dín kù ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ó kan bákan náà fún bẹ́líìtì, ṣéènì, àti ohunkóhun tó bá ń yí eré padà láàárín mọ́tò àti ẹrù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà kò jìnnà síbí. Tí wọ́n bá ti gbọ́ pé gíábọ́ọ̀sì oní-10 dín inẹ́ṣíà kù ní ọgọ́rùn-ún, wọ́n á rò pé agbára tí iṣẹ́ náà ń béèrè lọ́wọ́ mọ́tò náà ti dín kù ní ọgọ́rùn-ún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Tábìlì ṣì gbọ́dọ̀ rìn bó ṣe yẹ kó rìn, kí ìgò lè dé abẹ́ páìpù lákòókò. Kí tábìlì lè yára tó bó ṣe yẹ, mọ́tò gbọ́dọ̀ yára tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Ìpín kan nínú méjèèjì ni mọ́tò ń dá padà nípa sísáré. Ohun tó kù fún un jẹ́ èrè ẹ̀ẹ̀kan.

Ká fi iṣẹ́ gidi dán an wò. Tábìlì gbọ́dọ̀ yí dìgírì 60 ní ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá: á máa yára sí i fún ìdá mẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá, á sì máa dẹ eré fún ìdá mẹ́rin tó kù. Dìgírì 60 jẹ́ rédíánì 1.05. Láti parí rẹ̀ láàárín àkókò yẹn, eré tábìlì gbọ́dọ̀ gòkè dé nǹkan bíi rédíánì 4.2 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìyẹn yíyí 40 ní ìṣẹ́jú kan. Àfikún eré rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi 16.8. Nítorí náà agbára tí tábìlì nílò jẹ́ 0.72 lọ́nà 16.8, níútìn-mítà 12.1.

Mọ́tò wáàtì 750 tó ń yí ní 3000 ní ìṣẹ́jú kan lè gbé níútìn-mítà 2.4 láìdẹwọ́, ó sì lè gbé nǹkan bíi 7 fún ìgbà díẹ̀. Láìsí gíábọ́ọ̀sì, kò lè ṣe iṣẹ́ yìí rárá. Pẹ̀lú gíábọ́ọ̀sì oní-10, 12.1 di 1.21. A óò fi díẹ̀ tí rótọ̀ fúnra rẹ̀ nílò kún un, gbogbo rẹ̀ á di nǹkan bíi 1.22. Ìdajì agbára mọ́tò ni. Ẹni tó ra ẹ̀rọ náà kò jẹ̀bi tó bá ní mọ́tò tó iṣẹ́. Ó tó ó.

Kí ló wá ń mì tábìlì? Inẹ́ṣíà tí mọ́tò ń rí jẹ́ 0.0072, ti rótọ̀ sì jẹ́ 0.0001. Ẹrù ṣì jẹ́ ìlọ́po 72 mọ́tò. Agbára kọ́ ni ìṣòro níbí, ìdarí ni. Ohun tó ń wọn ibi tí ẹ̀rọ yí dé, tí wọ́n ń pè ní ẹnkódà, ẹ̀yìn mọ́tò ló wà, kò sí lára tábìlì. Díráìfù, ìyẹn àpótí tó ń fún mọ́tò ní iná, ń wo ẹnkódà, ó sì ń tún ìrìn mọ́tò ṣe lọ́pọ̀ ìgbà nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ṣùgbọ́n láàárín mọ́tò àti tábìlì, ṣáàfù wà, eyín gíá wà, ohun tó so wọ́n pọ̀ wà. Kò sí èyí tó le gan-in nínú wọn. Gbogbo wọn ń lọ́ díẹ̀, wọ́n sì ń padà bíi sípíríǹgì. Tí rótọ̀ bá fúyẹ́ púpọ̀ tí ẹrù sì wúwo ní ìlọ́po 72, ẹrù ló máa ń fa rótọ̀ kiri lórí sípíríǹgì yẹn. Díráìfù á rí i pé mọ́tò kúrò níbi tó yẹ, á tì í padà, ẹrù á tún fà á lọ.

Ẹni tó ń tún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń mọ̀ ọ́n báyìí. Tó bá jẹ́ kí díráìfù máa fi agbára dáhùn kíákíá, mọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ohùn rẹ̀ á sì máa gòkè. Tó bá dẹ ẹ́, kíkùn á lọ, ṣùgbọ́n tábìlì á máa kọjá ibi ìdúró, á sì pẹ́ kó tó fara balẹ̀. Kò sí àárín kankan tó dára. Lákòókò kan náà, mọ́tò kò gbóná, díráìfù kò sì kígbe pé ẹrù pọ̀ jù. Àmì mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà sí: eré mọ́tò. Tábìlì ń yí 40 ní ìṣẹ́jú kan, nítorí náà mọ́tò ń yí 400, nígbà tó lè yí 3000. Mọ́tò tí kò lo ju ìdá kan nínú méje eré rẹ̀ lọ ń sọ fún wa pé àyè ṣì wà fún gíábọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ ga ju èyí lọ.

Ẹ jẹ́ ká yọ oní-10, ká fi oní-30 sí i. Inẹ́ṣíà tábìlì lójú mọ́tò di 0.72 pín sí 900, ìyẹn 0.0008. Láti ìlọ́po 72, ó ti bọ́ sí ìlọ́po 8. Mọ́tò á máa yí 1200 ní ìṣẹ́jú kan, agbára tó máa mú wá á sì di nǹkan bíi 0.45. Díráìfù ti lè rọ̀ mọ́ mọ́tò dáadáa, nítorí pé ẹrù kò lè fà á kiri bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ díráìfù sáfò lè wọn ìfiwéra yìí fúnra wọn: wọ́n á mi mọ́tò síwá sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n á sì kọ nọ́ńbà rẹ̀ síta. Lára díráìfù Panasonic MINAS, `Pr0.04` ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n sì fi ń kà á. Fún tábìlì wa, 800 ló yẹ kí a rí níbẹ̀, tí í ṣe ìlọ́po 8.

Ká ní wọ́n ti tẹ̀ lé ìmọ̀ràn àkọ́kọ́, tí wọ́n fi gíábọ́ọ̀sì oní-10 sílẹ̀ tí wọ́n sì ra mọ́tò ńlá. Láti mú ìfiwéra náà dé 8, wọ́n nílò rótọ̀ tí inẹ́ṣíà rẹ̀ jẹ́ 0.0009, ìlọ́po mẹ́sàn-án ti tẹ́lẹ̀. Mọ́tò bẹ́ẹ̀ á tóbi, díráìfù rẹ̀ á tóbi, wáyà rẹ̀ á nípọn, ọ̀pọ̀ jù lọ agbára rẹ̀ kò sì ní rí iṣẹ́ ṣe. Gíábọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ fi ìlọ́po mẹ́ta ga sí i ṣe ohun tí rótọ̀ tí inẹ́ṣíà rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án máa ṣe.

Òfin kọ́ ni ìlọ́po 8 yìí o. Ọ̀pọ̀ ìwé ìlò ẹ̀rọ máa ń ní kí ó má kọjá 10, àwọn mìíràn ní 5 fún iṣẹ́ tó gba ìrìn kánjúkánjú. Bí ìsopọ̀ ṣe le tó ló ń pinnu rẹ̀. Àwọn mọ́tò kan wà tí wọ́n ń de tábìlì mọ́ rótọ̀ wọn tààrà, láìsí gíábọ́ọ̀sì, ẹrù wọn sì lè pọ̀ ju rótọ̀ lọ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà láìsí ìyọnu, nítorí pé kò sí sípíríǹgì kankan láàárín. Ibi tí sípíríǹgì bá wà ni ìfiwéra ti ń di ìṣòro.

Tí 30 bá dára tó báyìí, kí ló dé tí a kò lọ sí 60, tàbí 100? Ní 60, ẹrù di ìlọ́po 2 péré, mọ́tò á sì yí 2400. Ó ṣì ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ wo agbára: ní 30, a nílò 0.45, ní 60, 0.30. Ìdá tó ń lọ sórí rótọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i, nítorí pé rótọ̀ gbọ́dọ̀ yára ju tẹ́lẹ̀ lọ ní gbogbo ìgbà tí a bá fi kún nọ́ńbà gíábọ́ọ̀sì. Ní 85, ohun tí rótọ̀ ń gbà àti ohun tí tábìlì ń gbà dọ́gba, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.14, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 0.28. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn. Tí a bá kọjá rẹ̀, agbára á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, torí pé ara rẹ̀ ni mọ́tò ń gbé jù. Nọ́ńbà 85 yìí kì í ṣe àkọsẹ̀bá: tí a bá fi 85 lọ́nà 85, a máa rí nǹkan bíi 7200, ìyẹn iye ìgbà tí tábìlì ju rótọ̀ lọ níbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 85, mọ́tò gbọ́dọ̀ yí 3400 ní ìṣẹ́jú kan, ó sì ti kọjá 3000 tí wọ́n ṣe é fún. Láti 60 lọ sí 85, èrè agbára kò tó nǹkan, eré sì ti tán. Èmi ò ní kọjá 60 fún tábìlì yìí, ọkàn mi á sì balẹ̀ sí 30.

Kì í ṣe gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀rọ ni gíábọ́ọ̀sì ń pín lẹ́ẹ̀mejì. Tó bá jẹ́ pé ẹrù tí wọ́n ń gbé sókè ni, bíi ti wíǹṣì, ìwúwo tó ń fà á sílẹ̀ kò bìkítà fún bí a ṣe ń yára gbéra. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni gíábọ́ọ̀sì ń pín in. Bẹ́ẹ̀ náà ni béárìn tó ń gbo ara. Ẹni tó bá fi ìpín ẹlẹ́ẹ̀mejì ṣírò wíǹṣì á ra mọ́tò tí kò ní lè gbé ẹrù kúrò nílẹ̀. Gíábọ́ọ̀sì náà sì ń jẹ díẹ̀ nínú agbára tó ń gba inú rẹ̀ kọjá. Tí mọ́tò bá ń gbéra, èyí ń fi kún iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá ń dẹ eré, ó ń ràn án lọ́wọ́.

Ohun tó tún yẹ kí a ṣọ́ ni ohun tó wà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, kí a tó dé gíábọ́ọ̀sì. Kò sí ohun tó ń pín èyíinì. Ká ní ẹnì kan lo irin roboto kan láti so ṣáàfù mọ́tò mọ́ gíábọ́ọ̀sì, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 6, tó wọn kílò 0.45. Inẹ́ṣíà rẹ̀ jẹ́ 0.0002. Ó dà bíi nǹkan kékeré lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì rótọ̀ ni, ìdá mẹ́rin gbogbo ohun tí tábìlì fi ń da mọ́tò láàmú lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì oní-30. Tí wọ́n bá fi irin kan náà sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, 900 ni wọ́n máa fi pín in, mọ́tò ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Alumíníọ̀mù tó fúyẹ́ ló yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Àwọn gíá tó kọ́kọ́ wà nínú gíábọ́ọ̀sì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe gíábọ́ọ̀sì fún sáfò fi máa ń kọ inẹ́ṣíà rẹ̀ sínú ìwé rẹ̀, èyí tí a gbọ́dọ̀ rò mọ́ ti rótọ̀ láìpín in.

Àlàfo tún wà láàárín eyín gíá. Gíábọ́ọ̀sì kankan kì í bára mu délẹ̀. Tí mọ́tò bá ń yí ọ̀nà ìrìn padà, ó máa ń rìn díẹ̀ kí eyín tó tún kan eyín. Nínú ìrìn kékeré yẹn, tábìlì ti yọ kúrò lọ́wọ́ mọ́tò. Díráìfù rò pé òun ń darí 0.0009, ìyẹn rótọ̀ àti tábìlì pa pọ̀, ṣùgbọ́n rótọ̀ nìkan, 0.0001, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Agbára tó ń tì í di ìlọ́po mẹ́sàn-án ohun tó yẹ. Rótọ̀ á fò kọjá àlàfo náà, á gbá eyín kejì, díráìfù á tì í padà, á gbá ti ìṣáájú. Ohùn rẹ̀ máa ń dún wàràwàrà nígbà tí tábìlì bá dúró, ó sì yàtọ̀ sí kíkùn tí mo sọ lókè. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí mọ́tò di ara rẹ̀ mú, kí ẹ sì fi ọwọ́ mi etí tábìlì síwá sẹ́yìn. Àlàfo ìdá mẹ́fà dìgírì kan, níbi tí ìgò wà ní sẹ̀ǹtímítà 25 sí àárín, jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 0.7. Ọwọ́ máa ń gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ gíábọ́ọ̀sì oní-60 ni, tí tábìlì kò ju ìlọ́po 2 rótọ̀ lọ, ìyàtọ̀ tí díráìfù máa bá nínú àlàfo jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta péré, ariwo náà á sì dínkù.

Gbogbo ohun tí a ti sọ títí di ìsinsìnyí, láti ẹ̀gbẹ́ mọ́tò ni a ti wò ó. Tí a bá yí i padà, tí a dúró sí ẹ̀gbẹ́ ẹrù, òfin kan náà á ṣiṣẹ́ lódì kejì: inẹ́ṣíà rótọ̀ á di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Rótọ̀ wa, 0.0001, lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì oní-100, jẹ́ odindi 1 lójú tábìlì, ó sì ju tábìlì tó jẹ́ 0.72 lọ. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ti irú tábìlì bẹ́ẹ̀, kódà tí wọ́n bá ti pa iná, á rò pé tábìlì ló wúwo. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú mọ́tò ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń tì.

Apá róbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń lò ní ilé iṣẹ́ ọkọ̀ máa ń ní gíábọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ̀ wà ní àyíká 100 ní oríkèé rẹ̀. Fún wọn, èyí dára, nítorí pé ohun tí apá náà bá gbé, ìbáà wúwo ìbáà fúyẹ́, kò fi bẹ́ẹ̀ yí ohun tí mọ́tò ń rí padà. Ṣùgbọ́n tí apá náà bá kọlu nǹkan, ìwúwo rótọ̀ tó ti di ìlọ́po 10,000 ló fi ń gbá a. Nígbà tí àwọn olùwádìí ní MIT ní Amẹ́ríkà fẹ́ ṣe róbọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó lè sáré, èyí ni wọ́n sá fún. Ẹsẹ̀ ń kọlu ilẹ̀ ní gbogbo ìṣísẹ̀, gíábọ́ọ̀sì oní-100 á sì fọ́ eyín ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe nínú èyí tí wọ́n pè ní Mini Cheetah ni pé wọ́n lo mọ́tò tó fẹ̀ tó sì pẹlẹbẹ, èyí tí agbára ìyí rẹ̀ ti pọ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì fi gíábọ́ọ̀sì oní-6 péré sí i. Ìlọ́po 36 ni rótọ̀ di lójú ẹsẹ̀. Tí ẹsẹ̀ bá kan ilẹ̀, oríkèé á yọ̀ǹda, mọ́tò á yí padà sẹ́yìn láìjà, iná tó ń gba inú mọ́tò kọjá sì ti tó láti fi mọ bí ilẹ̀ ṣe ń ti ẹsẹ̀ náà tó, láìfi ohun èlò ìwọ̀n kankan sí àtẹ́lẹsẹ̀.